Ayálégbé mi fi fúláàtì mi yá ẹlòmíràn láìsọ fún mi: irú ìwé ìkìlọ̀ wo ni kí n kọ?

Onífúláàtì Kan:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Mo ní fúláàtì oníyàrá méjì kan tí mo fi yá ọkùnrin kan láti ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù yìí, mo lọ wo òrùlé tó ń jò níbẹ̀. Mo ti sọ fún un ṣáájú pé mo ń bọ̀, ó sì ní kò burú. Ẹni tí n kò rí rí ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní òun àti ìyàwó òun ló ń gbé ibẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta, pé ayálégbé mi sì ni àwọn ń san owó ilé fún lóṣooṣù. Ìpínrọ̀ 9 nínú àdéhùn wa sọ pé kò gbọdọ̀ fi ilé náà tàbí apá kan rẹ̀ yá ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda mi nínú ìwé. Láti bánkì ni owó ilé ti máa ń wọlé fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 25. Mo fẹ́ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i. Kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kí sì ni kí n ṣe lẹ́yìn rẹ̀?

Òtítọ́ Korò:

Ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bí ẹ ṣe rò ó, ọ̀gá. Ẹ̀yin àti tọkọtaya yẹn kò ní àdéhùn kankan pọ̀. Ayálégbé yín ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé tó wà láàárín yín, àdéhùn ti parí nìyẹn. Ẹ pe káfíńtà, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí wọ́n bá jáde, kí ẹ kó ẹrù wọn sí ìta pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ìwé ìkìlọ̀ á kàn fún un láyè láti wá irọ́ tí yóò pa ni.

Alábòójútó Ilé:

Òtítọ́ Korò, ibi kan wà tí ẹ ti sọ òótọ́ níbẹ̀: kò sí àdéhùn láàárín onílé àti tọkọtaya náà. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni ìyókù. Bí ayálégbé bá rú àdéhùn, àdéhùn náà kì í kú fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé onílé ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí i, ọ̀nà tí àdéhùn àti òfin là sílẹ̀ ló sì gbọdọ̀ gbà. Títí di ọjọ́ tí ìyẹn yóò fi parí, ayálégbé yẹn ṣì ni ayálégbé, àwọn tó fi sínú ilé sì ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Onílé tó bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, tó gé iná tàbí omi, tàbí tó kó ẹrù ènìyàn síta láìní ìwé àṣẹ kóòtù, ló sábà máa ń di ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Mo ti rí ibi tí onílé ti ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́, tó sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tuntun ló bà á jẹ́, nítorí kóòtù kọ́kọ́ ní kó dá àwọn ènìyàn náà padà sínú ilé kí ó tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀.

Onífúláàtì Kan, kí ẹ tó kọ ìwé kankan, ẹ jókòó ní alẹ́ òní kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ nígbà tó ṣì tutù lọ́pọlọ yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ débẹ̀, ẹni tó ṣílẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, àti bóyá ẹnikẹ́ni wà pẹ̀lú yín. Ẹ má ṣe fi èrò tiyín kún un. Bí ó bá wí pé “àwa la ń gbé ibí, òun là ń sanwó fún”, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ kọ, kì í ṣe pé “ó jẹ́wọ́ pé wọ́n ti gba ilé mi lọ́nà èrú”.

Ẹ tún wo nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń fò kọjá: ṣé ayálégbé náà ti kúrò níbẹ̀ pátápátá, àbí ó ṣì ní yàrá kan? Lára ohun tí a máa ń wò ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí aṣọ àti ìwé rẹ̀ wà, orúkọ ẹni tó ń san owó iná, àti bóyá ó lè wọlé nígbà tó bá wù ú láìkanlẹ̀kùn. Ẹni tó gba ọ̀rẹ́ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kò fi ilé yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mú ẹlòmíràn wá gbé yàrá kejì, tí òun náà ṣì ń sùn níbẹ̀, ń pín ilé náà pẹ̀lú rẹ̀ ni, àdéhùn lè fàyè gba ìyẹn, ó sì lè má fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya náà bá ní gbogbo ilé lọ́wọ́, tí wọ́n ń sanwó, tí òun kò sì gbé níbẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ni ìpínrọ̀ 9 yín ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ sínú ìwé ìkìlọ̀ dá lórí èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá Onílé:

Ẹ ṣeun fún àlàyé yìí o. Èmi náà ní irú rẹ̀. Ayálégbé mi mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Omi tí wọ́n ń lò ti pọ̀ sí i, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ṣé kí n kọ ìwé ìkìlọ̀ pé ó fi ilé yá ẹlòmíràn, tàbí kí n kàn fi owó kún owó ilé rẹ̀? Mo rò pé ohun tó yẹ kí Onífúláàtì Kan náà ṣe nìyẹn, kó fi owó kún un, kó sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé.

Alábòójútó Ilé:

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Àbúrò tó ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò san owó ilé, tí ẹ̀gbọ́n náà sì ṣì wà nílé, kì í ṣe ẹni tó yálé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo àdéhùn yín bóyá ó sọ iye ènìyàn tó lè gbé ibẹ̀, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Bí ẹ bá kọ ìwé fífi ilé yáni sí i, yóò dá yín lóhùn pé àbúrò òun ni, ìwé yín á sì di aláìlẹ́sẹ̀ńlẹ̀.

Ní ti kí Onífúláàtì Kan fi owó kún owó ilé, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá ní báyìí. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ á ṣàlàyé.

Lọ́yà Àdéhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ àdéhùn ilé, ohun tó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ onílé kì í pàdánù nítorí pé wọn kò ní ẹ̀tọ́. Ohun tí wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ló ń gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 3 ni ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohunkóhun tí ẹ bá ṣe tó fi hàn pé ẹ ṣì gba ọkùnrin náà gẹ́gẹ́ bí ayálégbé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kà á sí pé ẹ ti mójú kúrò. Gbígba owó ilé ló sábà máa ń ṣe èyí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, onílé tó mọ̀ pé ayálégbé ti rú irú ìpínrọ̀ yìí, tó sì gba owó ilé tó tó àkókò lẹ́yìn tí ó ti mọ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn nù. Kì í ṣe gbígbà nìkan o. Bíbéèrè owó náà tó láti fa ìyọnu. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má ṣe kọ “ẹ rántí pé owó ilé oṣù tó ń bọ̀ ti sún mọ́lé” sínú ìwé ìkìlọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi owó kún un, bí Ìyá Onílé ṣe dá a lábàá, ìyẹn burú ju gbígbà lọ, nítorí àdéhùn tuntun ló dà bí pé wọ́n ń ṣe lórí ohun tí wọ́n ń bínú sí.

Ìṣòro yín gan-an ni pé owó náà yóò wọlé ní ọjọ́ 25, yálà ẹ sùn tàbí ẹ jí. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó wọlé tí ẹ sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín yóò sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń kọ̀wé pé àwọn gbà á “láìsọ ẹ̀tọ́ àwọn nù”. Ibi tí gbólóhùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́ wà, ibi tí kóòtù ti sọ pé ẹni tó gba owó ilé ti gba owó ilé, ohun yòówù kó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sì wà pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ọjọ́ 25 tó pé, ẹ bi lọ́yà kan tó ń ṣe ẹjọ́ ilé ní ibi tí fúláàtì yẹn wà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí owó yìí bá wọlé, ṣé kí n dá a padà ni, àbí kí n gbà á gẹ́gẹ́ bí owó lílo ilé? Má ṣe gba ìdáhùn èyí lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ibòmíràn, èmi náà pẹ̀lú.

Bí àfojúsùn yín kì í bá ṣe láti lé e jáde, tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí ó tún un ṣe, ọ̀rọ̀ owó yìí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ń fẹ́ kí ẹ tó mú bírò.

Alábòójútó Ilé:

Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Nísinsìnyí, ìwé náà fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa kọ ọ́ fún onílé tí mo ń bójú tó ilé rẹ̀, ẹ lè yí i padà bí ó bá ṣe yẹ:

*Ọjọ́ 5, oṣù …*

*Sí: (orúkọ ayálégbé gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àdéhùn)*

*Ọ̀rọ̀ nípa fífi fúláàtì tó wà ní (àdírẹ́sì) yá ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda*

*Ọ̀gbẹ́ni …,*

*Ìpínrọ̀ 9 nínú àdéhùn ilé tí a jọ fọwọ́ sí ní ọjọ́ … sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ fi gbogbo ilé náà tàbí apá kan rẹ̀ yá ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda onílé nínú ìwé.*

*Ní ọjọ́ 3 oṣù yìí, nígbà tí mo wá wo òrùlé bí a ṣe jọ fẹnu kò sí, mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó sọ pé òun àti ìyàwó òun ti ń gbé fúláàtì náà láti bí oṣù mẹ́ta, pé ẹ̀yin ni àwọn sì ń san owó ilé fún. N kò fún yín ní irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì béèrè fún un lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bí mo ṣe gbọ́ ọ, ó lòdì sí ìpínrọ̀ 9.*

*Mo ń fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí mi, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 20 oṣù yìí, kí ẹ ṣàlàyé àwọn tó ń gbé inú fúláàtì náà àti àdéhùn tí ẹ bá wọn ṣe. Bí ẹ bá gbà pé ẹ ní ìyọ̀ǹda, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá ní, mo ń béèrè pé kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí àdéhùn náà ní ọ̀nà tó bófin mu kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà nótíìsì tí ẹ bá fún wọn ránṣẹ́ sí mi.*

*Bí ẹ kò bá ṣe èyí, n óò gbé ìgbésẹ̀ tí àdéhùn àti òfin fàyè gbà, èyí tí fífún yín ní ìwé kúrò nílé àti gbígbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù wà lára rẹ̀. Ìwé yìí kì í ṣe ìyọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láti máa gbé inú fúláàtì náà, n kò sì tipasẹ̀ rẹ̀ sọ ẹ̀tọ́ mi kankan nù.*

*(Orúkọ àti ìbuwọ́lùwé onílé)*

Ẹ ó rí i pé n kò kọ pé kí tọkọtaya náà ti jáde ní ọjọ́ 20. Bí wọ́n bá ń sanwó lóṣooṣù, òfin lè ní kí ayálégbé yín fún wọn ní nótíìsì oṣù kan gbáko, ẹ kò sì lè pàṣẹ fún un láti rú òfin kí ó lè tẹ́ yín lọ́rùn. Ohun tó lè ṣe láàárín ọjọ́ 14 ni kó bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe máa ń rọ adájọ́ lọ́kàn sí ọ̀dọ̀ ayálégbé. “Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bí mo ṣe gbọ́ ọ” náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ti gbọ́ ọ.

Ní ti bí ẹ ó ṣe fi ránṣẹ́: ẹ má ṣe gbára lé Wọ́tsáàpù nìkan. Ẹ wo ibi tí àdéhùn sọ pé kí a máa fi ìwé ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni kí ó lọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí fúláàtì náà, ẹ fi òmíràn sí àdírẹ́sì mìíràn tí ayálégbé bá ti fún yín, kí ó sì jẹ́ ọ̀nà tí yóò mú ìwé ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ jáde. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ sí àdéhùn, orúkọ àwọn méjèèjì ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá fi lé ẹnì kan lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọjọ́ láti ọjọ́ 7, ọjọ́ 20 sì ni yóò pé 14. Bí ìwé bá pẹ́ lọ́nà, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ má ṣe rẹ́ ọjọ́ jẹ.

Ayálégbé Ọlọ́jọ́ Pípẹ́:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń gbé ilé onílé sọ tẹnu mi. Onífúláàtì Kan, ṣé ẹ ní ejẹ́ǹtì tó ń bá yín bójú tó ilé náà? Mo béèrè nítorí pé ọ̀pọ̀ lára wa máa ń sọ fún ejẹ́ǹtì pé a fẹ́ fi ilé sílẹ̀ fún ẹnì kan fún ìgbà díẹ̀, òun á ní “kò sí wàhálà”, a ó sì rò pé onílé ti gbọ́. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fi ìwé yìí ránṣẹ́.

Ẹ tún rántí tọkọtaya náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti san owó àsansílẹ̀, kí wọ́n má sì mọ̀ pé ẹni tó gba owó wọn kò ní àṣẹ. Bí ẹ bá pàdé wọn, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Àwọn ni ìyà yìí máa jẹ jù, wọn kò sì ṣẹ̀ yín.

Onífúláàtì Kan:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́. Mo fi ẹ̀dà kan lé ọkùnrin tó wà nínú fúláàtì náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6, mo sì fi òmíràn ránṣẹ́ nípasẹ̀ kúríà sí ibi iṣẹ́ ayálégbé mi tó wà nínú àdéhùn, risíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ayálégbé mi ti fèsì. Ó ní ibi iṣẹ́ òun rán òun lọ sí ìlú mìíràn fún oṣù mẹ́jọ, pé òun yóò padà wá gbé ilé náà, òun kò sì fẹ́ kí ó ṣófo. Ó ní òun sọ fún ejẹ́ǹtì lẹ́nu, ejẹ́ǹtì sì ní kí òun “mú ẹni tó mọ́ wá”. Mo bi ejẹ́ǹtì, ó ní lóòótọ́ ni ó pe òun, ṣùgbọ́n òun rò pé àlejò ló ń sọ. Ayálégbé mi gbà pé owó tí tọkọtaya náà ń san fi díẹ̀ ju owó tí òun ń san fún mi lọ. Ó ní wọ́n ti san oṣù méjì síwájú. Ní báyìí, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n fún òun ní ìyọ̀ǹda títí oṣù márùn-ún tó kù yóò fi pé.

Òtítọ́ Korò:

Ó ń jèrè lórí ilé yín! Mo ti gbà pé kí ẹ má pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọkùnrin yìí kúrò láàárín. Bí tọkọtaya náà bá ń tọ́jú ilé, ẹ ní kí wọ́n máa san owó náà tààrà sí àkáǹtì yín láti oṣù tó ń bọ̀. Owó yín á pọ̀ sí i, ilé kò ní ṣófo, ẹlẹ́ṣẹ̀ á sì jáde.

Lọ́yà Àdéhùn:

Òtítọ́ Korò, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yín parí síbẹ̀ níkẹyìn, ṣùgbọ́n a kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí onílé bá gba owó lọ́wọ́ tọkọtaya náà lónìí, nígbà tí àdéhùn pẹ̀lú ọkùnrin náà ṣì wà láàyè, ó lè bá ara rẹ̀ láàárín ayálégbé méjì lórí ilé kan. Tọkọtaya yóò sọ pé onílé ti gba àwọn, risíìtì sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin yóò sọ pé ilé òun ni, oṣù mẹ́jọ ni òun fi lọ. Bí onílé bá fẹ́ kí tọkọtaya náà dúró, kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun dá ilé padà ní ọjọ́ báyìí, kí ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ó sì parí ọ̀rọ̀ oṣù méjì tó ti gbà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà náà ni kí onílé àti tọkọtaya ṣe àdéhùn tuntun.

Nípa ejẹ́ǹtì, ìpínrọ̀ yín béèrè ìyọ̀ǹda nínú ìwé, ìpè tẹlifóònù kì í ṣe ìwé. Èyí dára fún yín. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ejẹ́ǹtì yìí ló máa ń fún un láṣẹ lórí nǹkan mìíràn nílé náà tí ẹ kì í sì yẹ̀ ẹ́, adájọ́ lè béèrè ohun tí ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ láti gbà gbọ́. Ẹ ní kí ejẹ́ǹtì kọ ohun tó gbọ́ àti ohun tó sọ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i.

Ní ti èrè tó ń jẹ, ó dun ènìyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá àdéhùn yín sọ pé èrè bẹ́ẹ̀ di ti onílé. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, òfin ibì kan lè fún yín, òfin ibòmíràn kò ní fún yín. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú owó ìdógò rẹ̀.

Alábòójútó Ilé:

Èmi rò pé ìyọ̀ǹda oṣù márùn-ún ló mọ́gbọ́n wá jù níbí, bí ẹ bá fi òté tó lágbára sí i. Ọkùnrin yìí dáhùn láàárín ọjọ́ tí a fún un, ó sọ ìdí, kò sì sẹ́. Bí ẹ bá gbé e lọ sí kóòtù, ó ṣeé ṣe kí oṣù márùn-ún náà ti kọjá kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ní àwọn ibì kan pàápàá, bí ó bá ti béèrè dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kò bá má lè kọ̀ láìní ìdí gidi. Àìbéèrè rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí ni, pé àwọn méjì wọ̀nyí nìkan ni ó wà fún, pé òun ṣì ni yóò san owó ilé àti owó ohunkóhun tó bá bàjẹ́, àti pé kò sí ìyọ̀ǹda mìíràn lẹ́yìn èyí. Kí tọkọtaya náà fọwọ́ sí i pé àwọn mọ ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé tó wà láàárín wọn, kí ẹ sì rí i dájú pé kò gùn ju ọjọ́ náà lọ. Bí ẹ bá ní adójútòfò lórí ilé náà, ẹ sọ fún wọn pé àwọn mìíràn ló ń gbé níbẹ̀, nítorí àwọn adójútòfò kan máa ń fi èyí ṣe ìdí láti má sanwó bí iná bá jó o.

Lọ́yà Àdéhùn:

N kò lòdì sí i, bí onílé bá ti mọ̀ pé tí òun bá fún un ní ìyọ̀ǹda yìí, òun kò lè tún lò ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láti lé e jáde. Ìyọ̀ǹda máa ń nu ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Tí mo bá wà ní ipò rẹ̀, tí mo sì ti ń ronú tẹ́lẹ̀ pé n kò fẹ́ ọkùnrin yìí mọ́, n kò ní fún un. N óò fún un ní nótíìsì gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe wí, n óò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bó ṣe ń lọ.

Ayálégbé Ọlọ́jọ́ Pípẹ́:

Ẹni tó jẹ́wọ́ yẹ kí a fún láyè. Tọkọtaya náà ti san oṣù méjì síwájú. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n jáde, ta ni yóò dá owó yẹn padà fún wọn?

Lọ́yà Àdéhùn:

Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wọn ni. Onílé kò jẹ wọ́n ní gbèsè owó tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín dára, nítorí òun ni wọ́n máa fi bẹ kóòtù pé kí wọ́n fún àwọn ní àkókò sí i.

Onífúláàtì Kan:

Mo ti bá lọ́yà kan níbi tí ilé náà wà sọ̀rọ̀. Ó ní níbẹ̀, kí n má ṣe jẹ́ kí owó ọjọ́ 25 wọlé láìsí ìwé, yálà mo fẹ́ fún un ní ìyọ̀ǹda tàbí n kò fẹ́. Nítorí náà, mo ti kọ̀wé sí ayálégbé náà pé kí ó dá owó tí bánkì ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ dúró ná, kí ó sì dúró de ìdáhùn mi. Mo ti béèrè ẹ̀dà àdéhùn òun àti tọkọtaya náà, ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ lọ́la. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá kọjá oṣù márùn-ún tó sọ fún mi, nótíìsì ni n óò fún un. Bí kò bá kọjá, n kò tíì mọ̀. Ìyàwó mi ní kí n fún un, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní títí di ọjọ́ 20.

Alábòójútó Ilé:

Bí ẹ̀dà náà bá dé, ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i wé ọjọ́ tó pe ejẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i kí ó tó pè é, kì í ṣe ìyọ̀ǹda ló ń wá nígbà náà. Ẹ tún wo bóyá ó pe ara rẹ̀ ní onílé nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi han lọ́yà yín kí ẹ tó dáhùn ohunkóhun.